Sáfárì Ìbejì àti Ṣíbí Oògùn

Àwa télọ̀ tí a kọ́ṣẹ́ ní Igbó-Ọrà láyé ìgbà náà ní ọ̀nà kan tí à ń gbà rán aṣọ ìbejì. Bóyá wọ́n ń ṣe é níbòmíràn, n ò mọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo la máa ń wọ̀n. Bí ìyá ìbejì bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, èyí tó bá sún mọ́ mi ni màá fà sọ́dọ̀, màá fi téèpù yí i láyà, màá yí i nídìí, màá wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tán. Aṣọ náà á di ìṣẹ́po méjì lórí tábìlì, síṣọ́ọ̀sì á gba inú méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀gá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé bí síṣọ́ọ̀sì bá gé aṣọ ìbejì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìjà á wọ àárín wọn. N ò bi í léèrè pé báwo ló ṣe mọ̀. Ìlú tí ìbejì ti pọ̀ bíi tiwa, tí èèyàn ò lè rìn dé ọjà kó má pàdé orí méjì tó jọra, iṣẹ́ á yá bẹ́ẹ̀, owó á sì wọlé bẹ́ẹ̀. Ta ni ó máa jiyàn?

Nígbà tó wá kan èmi náà, tí ìyàwó mi bí ọkùnrin méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rán tiwọn. N ò ní dárúkọ wọn níbí. Wọ́n ti di bàbá ọmọ báyìí, wọn ò sì fẹ́ kí n máa gbé wọn kiri. Èyí tó jáde kẹ́yìn ni a mọ̀ sí ẹ̀gbọ́n, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n, èyí tó jáde ṣáájú ni àbúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe máa pè wọ́n. Wọ́n jọra débi pé èmi tí mo bí wọn máa ń wo etí kí n tó mọ ẹni tí mò ń bá wí, nítorí ẹ̀gbọ́n ní àmì kékeré kan lẹ́yìn etí.

Ẹ̀gbọ́n yìí ni wárápá mú. Kò tíì tó ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tó bẹ̀rẹ̀. A kọ́kọ́ pè é ní gìrì, ṣùgbọ́n gìrì máa ń bá ibà rìn, ara ọmọ yìí á sì tutù bí omi àmù kó tó ṣubú. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìyá rẹ̀. Àpá iná náà wà lápá rẹ̀ títí dòní. Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi kò dáná láìjẹ́ pé ẹnì kan di ọmọ náà lọ́wọ́ mú.

Wọ́n fún un ní oògùn ní ilé ìwòsàn ìlú wa, oníhóró funfun kékeré. Ẹ má gbọ́ ọ lódì o, oògùn náà ṣe iṣẹ́. Mo mọ àwọn ọmọ mìíràn tó jẹ́ pé òun ló gbà wọ́n là, tí wọn ò sì lo òmíràn títí wọ́n fi dàgbà. Ìṣubú dín kù, ṣùgbọ́n ọmọ tiwa kò jí mọ́. Orí tábìlì ló ń sùn nílé ìwé. Bí a bá pè é, á wò wá bí ẹni tó wà lódìkejì odò. Àbúrò rẹ̀ á ti ka A, B, D dé ìdí, òun á ṣì máa wá sílétì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ìwé fún wa pé ká gbé e lọ sí Ìbàdàn, sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní irú àìsàn yìí.

Ìyẹn ni ìrìn àjò àkọ́kọ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ. Dókítà náà bi wá ní ìbéèrè títí ẹnu fi gbẹ mí, ó ní kí ọmọ gun òṣùwọ̀n, ó wo kílò rẹ̀, ó ṣírò díẹ̀ lórí bébà. Lẹ́yìn náà ló kọ oògùn olómi kan fún wa, omi pupa, ó dùn lẹ́nu. Fálúpróétì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n omi pupa la máa ń pè é nílé. A bẹ̀rẹ̀ látorí díẹ̀, a ń gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ní ká ṣe, a sì ń já hóró funfun yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bákan náà, títí a fi dé ṣíbí oògùn kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Ṣíbí tó bá ìgò wá ni o, kì í ṣe ti ìdáná.

Ọmọ jí. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn. Ìṣubú dá dúró pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àbúrò rẹ̀ jà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ pé òun ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ń gun igi máńgòrò, ìyá rẹ̀ sì ń pariwo pé kó sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó sì ń jẹun. Ha! Ó jẹ láfún, ó jẹ ẹ̀bà, ó jẹ tirẹ̀ tán, á wá jókòó ti àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Owó ìgò omi pupa yẹn kò kéré fún télọ̀, ṣùgbọ́n n kì í kùn. Ọmọ mi padà sílé ni mò ń rà.

Dókítà ní kí a máa mú un wá lóòrèkóòrè, kí òun máa wọ̀n ọ́n, kí òun máa wo ara rẹ̀. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó mi ní ìsọ̀ èlùbọ́ rẹ̀ lọ́jà, nítorí náà ìyá mi gba iṣẹ́ náà. Màmá fẹ́ràn mọ́tò. Ó máa ń kó ìbejì méjèèjì dání, nítorí ó ní òun ò lè mú ọ̀kan kúrò nílé kí èkejì máa sunkún lẹ́yìn. Wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, wọ́n á gba Èrúwà lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú oògùn àti búrẹ́dì.

“Màmá, kí ni dókítà wí?”

“Ó ní kílò rẹ̀ kò lọ sókè púpọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò ṣubú, ó ní ká dúró lórí ṣíbí kan.”

Ara wa balẹ̀. Báyìí la ṣe ń bá a lọ, ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e.

Ọdún tí mò ń wí yìí, nígbà tí wọ́n ti wà ní kíláàsì kẹta, Iléyá ń bọ̀, sáfárì ló sì wà lóde nígbà náà. Gbogbo bàbá ló fẹ́ kí ọmọ òun wọ sáfárì, àpò mẹ́rin níwájú, bẹ́líìtì aṣọ lẹ́yìn. Mo ra aṣọ aláwọ̀ eérú, mo pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi kí n wọ̀n ọ́n. Àbúrò ló sáré wá. Mo ṣẹ́ aṣọ po, mo gé e lẹ́ẹ̀kan, mo rán an.

Nígbà tí wọ́n gbé e wọ̀, ti àbúrò bá a mu bí èèpo ẹ̀wà. Ti ẹ̀gbọ́n, bọ́tìnnì kò dé ihò. Mo ní kó mí sínú. Ó mí sínú, bọ́tìnnì dé ihò. Ó mí síta, bọ́tìnnì fò lọ sábẹ́ máṣíìnì.

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ìyá oníṣu tó wá gba bùbá rẹ̀ ní, “Bàbá ìbejì, ẹ̀yin lẹ bí méjì, ẹ wá fún ẹnì kan ní oúnjẹ méjèèjì.”

Àbúrò ní, “Ó máa ń jẹ tèmi náà mà.”

“Irọ́ ni! O máa ń ṣẹ́ ẹ kù ni!” ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tú ẹ̀gbẹ́ sáfárì ẹ̀gbọ́n, mo fi ọ̀já aṣọ lé e lọ́tùn-ún lósì, mo sún bọ́tìnnì sẹ́yìn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọmọ tó ń kú lọ tẹ́lẹ̀ ló ń sanra yìí. Alihamudulilahi.

Ọjọ́ Iléyá, a kírun tán ní yídì, a ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Oòrùn mú díẹ̀, kò mú jù. Ẹ̀gbọ́n ń rìn níwájú mi pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣàdédé le. Mo mọ̀ kó tó ṣubú. Ohun tí mo ti gbàgbé, ara mi kò gbàgbé rẹ̀. Mo mú un kó tó dé ilẹ̀, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo yọ fìlà, mo tú bọ́tìnnì ọrùn. Àwọn èèyàn rọ̀gbà yí wa ká. Ẹnì kan gbé ṣíbí dé, ó ní kí n fi há a léyín. Mo ní rárá, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ kàn sún sẹ́yìn kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó dúró, ó sùn. Àbúrò rẹ̀ dúró tì í nínú sáfárì tó bá a mu, ó ń sunkún láìsí ohùn.

Mo gbé e délé léjìká mi. A pa àgbò, ṣùgbọ́n n ò rántí bí ẹran náà ṣe rí lẹ́nu.

A ní bóyá oòrùn ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣubú ní àsẹ́ńbílì nílé ìwé. Tíṣà rẹ̀ gbé e wá, ó sì sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, hẹ́dímásítà á ní kó jókòó sílé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá kí wa, ó sọ ohun tí gbogbo ilé ti ń rò:

“Ẹ̀yin ará ilé yìí, oògùn yẹn ti bá a lára mu jù. Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Bí oògùn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á ṣiṣẹ́, á ṣiṣẹ́, á wá sú u.”

Ìyàwó mi dìde, ó lọ fi òkúta dí iwájú ààrò. Ìgbà tí mo rí òkúta yẹn ni ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò ó pé a ó padà sí ti hóró funfun, ọmọ á tún lọ jókòó sódìkejì odò. Tàbí kí omi pupa jẹ́ òpin ohun tó wà, kó sì ti tán.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ní èmi fúnra mi ni mo máa lọ sí Ìbàdàn lọ́tẹ̀ yìí. Màmá ní òun náà ń lọ. Mo ní kó sinmi. Ó ní kò rẹ òun. Àwọn ọmọ méjèèjì bá wa wọkọ̀.

Ọkọ̀ kò tíì dé Èrúwà tí ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Mo rántí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́ tí èmi gbé e lọ. Bí a ṣe dé gáréèjì Èrúwà, Màmá fi ọwọ́ kàn mí.

“Jẹ́ ká já a sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi níbí. Kó sinmi. Bá a bá ń bọ̀, a ó gbé e.”

Mo wò ó. “Màmá, òun ló ń ṣàìsàn. Ta ni a wá ń gbé lọ?”

Màmá tún gèlè rẹ̀ wé, bẹ́ẹ̀ sì ni gèlè náà kò tú. Mo bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó jẹ́ kí ọmọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Dẹ́rẹ́bà ní, “Bàbá ìbejì, bó bá bì sí mi lára, ẹ̀yin lẹ ó rán ṣòkòtò tuntun fún mi o.” Kò bì mọ́ títí a fi dé Ìbàdàn.

Ní ọsibítù, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ó fi kàn wá. Nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ jẹ́ obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ń dún dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n gun òṣùwọ̀n. Ó wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n, ó wo káàdì, ó tún wo abẹ́rẹ́.

“Sọ̀ kalẹ̀. Bọ́ bàtà. Kí ló wà lápò ẹ?”

Kò sí nǹkan lápò. Ó tún gùn ún. Kílò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

“Òṣùwọ̀n yìí ti bàjẹ́.” Ó pe nọ́ọ̀sì kejì. “Wá gun orí ẹ̀, ká wò ó.”

“Èmi kọ́! Kó o lè máa kéde kílò mi fún gbogbo aláìsàn?”

Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé òṣùwọ̀n mìíràn wá láti yàrá kejì. Kílò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà ni. Káàdì sì ní kílò mẹ́rìnlélógún ni ọmọ yìí nígbà tó wá gbẹ̀yìn, oṣù díẹ̀ sẹ́yìn.

Wọ́n mú wa wọlé tọ dókítà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ, ó tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ bóyá ó wú. Ó bi mí bóyá ọmọ ń tọ̀ dáadáa, bóyá ẹnì kan fún un ní àgbo, bóyá a fo oògùn, bóyá ibà ṣe é, bóyá a pààrọ̀ ṣíbí. Mo ní rárá sí gbogbo rẹ̀.

“Bàbá, ọmọ kì í sanra tó báyìí láàárín oṣù díẹ̀ kó má ṣe nǹkan míì. Mo ti ń rò ó kí ẹ tó wọlé pé bó bá tún ń ṣubú, a lè fi oògùn kejì kún un, tàbí ká pa á dà. Ṣùgbọ́n èyí kò yé mi.”

Nọ́ọ̀sì gíga yẹn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, òṣùwọ̀n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kàn fi ṣeré ni, ó ní, “Èkejì ńkọ́? Wá, jẹ́ ká wo tìẹ.”

Àbúrò dìde. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan fún un. Ó bọ́ bàtà, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gun orí òṣùwọ̀n, ó kó ẹsẹ̀ pọ̀, ó gbé ojú sókè, ó sì na ọwọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Kílò márùndínlọ́gbọ̀n.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. “Ìwọ, ó dà bíi pé o mọ orí òṣùwọ̀n yìí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ ti ní kí n máa kó ẹsẹ̀ pọ̀.” Lẹ́yìn náà ló rántí nǹkan, ó sì wo Màmá.

Màmá dìde lórí àga. Ìyá mi kò ga, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó kéré sí i.

“Èmi ni, dókítà. Ẹ má bá ọmọ wí. Bọ́ọ̀sì máa ń yọ èyí lẹ́nu. Bó bá ti bì, gbogbo oògùn owó ńlá tó mu láàárọ̀ á jáde. Mo wá ń já a sílẹ̀ ní Èrúwà lọ́dọ̀ àbúrò mi, mo sì ń mú èkejì wá. Ìkan náà ṣá ni wọ́n. Ọjọ́ kan náà ni mo gbé wọn jó. Gbogbo ohun tí ẹ bi mí nípa èyí tó ń ṣàìsàn, òtítọ́ ni mo sọ. Kò ṣubú lóòótọ́. Ara ni mo yá lọ́wọ́ èkejì.”

Mo wá rí gbogbo rẹ̀: sáfárì tí kò bá ara mu, bọ́tìnnì tó fò lọ sábẹ́ máṣíìnì. Téèpù wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ yẹn, n kò sì wọ̀n ju ọmọ kan lọ.

“Màmá,” dókítà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “ẹ̀jẹ̀ tí a gbà níjọ́sí, ká lè wo bóyá oògùn ń yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́nu, ta ni a gbà á lára rẹ̀?”

Àbúrò na ọwọ́ sókè. “Èmi ni mà. Ó dùn mí gan-an. Ìyá àgbà ra búrẹ́dì fún mi.”

Ibẹ̀ ni dókítà ti kọ́kọ́ le, mi ò ní tàn yín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò mu oògùn rárá ni òun ń wò, tí òun sì ń kọ pé ó dára. Ó ní bí ohun kan bá ti ṣe ẹ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n, òun ì bá má mọ̀. Màmá bo ojú. Ṣùgbọ́n dókítà fa àga sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì yí padà.

“Bí ẹ bá sebẹ̀ nínú ìkòkò kékeré, iyọ̀ ṣíbí kan á tó o. Bí ìkòkò bá wá di ńlá, tí omi pọ̀ sí i, tí iyọ̀ kò pọ̀ sí i ńkọ́?”

“Ọbẹ̀ á tẹ́,” Màmá dáhùn lábẹ́ gèlè.

“Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ṣíbí kan yìí, ara ọmọ kékeré ni mo wọ̀n ọ́n fún. Ó ti tóbi, oògùn náà sì wá tẹ́ sí i lára. Omi pupa yìí fúnra rẹ̀ tún máa ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun fún àwọn ọmọ míì, wọ́n á máa jẹun, wọ́n á máa sanra. Àbúrò rẹ̀ kò mu ún, ìdí nìyẹn tí ara wọn fi yàtọ̀ síra. Ẹni tó ń mu ún ló yẹ ká wọ̀n.”

Mo bi í ní ohun kan ṣoṣo tó wà nínú mi láti ọjọ́ Iléyá. “Dókítà, ṣé oògùn náà kò tíì kú lára rẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Bàbá ìbejì, a ò tíì fún un tó, báwo la ṣe máa sọ pé ó kú? Inú mi dùn pé irú èyí ni. Díẹ̀ ló kù kí n fi òmíràn kún un láìnídìí, tàbí kí n gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ẹ wò ó, mo jókòó sórí àga yẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sunkún. Ó kàn dà bíi pé ẹnì kan yọ òkúta kúrò níwájú ààrò.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n níjọ́ náà. Àbúrò dúró tì í, ó ń tọ́ka sí abẹ́rẹ́. “Ó ti kàn ẹ́. Èmi ti ṣe tèmi.” Nígbà tí èsì jáde, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára.

Dókítà ṣírò pẹ̀lú kílò tó jẹ́ ti ọmọ náà gan-an. Ó ní a kò ní fo sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí inú má bàa rú u, kí oorun má bàa gbé e. Ṣíbí kan àti ààbọ̀ ni a kọ́kọ́ fún un, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó di ṣíbí méjì, ó sì dúró síbẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe fi orí ara mi gùn ún sókè láé, bó bá tilẹ̀ ṣubú. Bí mo bá sì rí i tó ń bì láìdáwọ́ dúró, tí kò fẹ́ jẹun mọ́, tó ń sùn jù, tàbí tí ojú rẹ̀ pọ́n bíi pupa inú ẹyin, kí n gbé e lọ sí ọsibítù tó sún mọ́ wa kíá. Ó ní bó bá sì bì lójú ọ̀nà, ká sọ ọ́ fún òun, òun á mọ ohun tí a ó ṣe; èyí tí òun kò lè mọ ohun tí òun ó ṣe sí ni ọmọ tí òun kò rí.

Ìgbà tí a wà lórí ṣíbí kan àti ààbọ̀, ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan, kékeré, kò pẹ́. Ọkàn mi fò. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní, “Ẹ jẹ́ ká parí ohun tí wọ́n ní ká ṣe ná.” Ọwọ́ ọmọ náà gbọ̀n díẹ̀ nígbà tó dé ṣíbí méjì, oorun kùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, ìyẹn náà lọ. Kò ṣubú mọ́. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, ó padà sí àsẹ́ńbílì, ó tún ń purọ́ nípa iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tí mo rí i pé ìyàwó mi ti gbé òkúta iwájú ààrò tó sì fi ń ti ilẹ̀kùn, mo kàn gba ibẹ̀ kọjá.

Màmá ló yà mí lẹ́nu jù. Dókítà ti sọ pé láàárín ìgbà tí a ó fi padà wá, kí a máa wọn ọmọ nílé ìwòsàn Igbó-Ọrà. Ìyá mi wá di olórí òṣùwọ̀n. Á fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, á tì í sórí rẹ̀, á bá nọ́ọ̀sì jà pé kí wọ́n wò ó dáadáa. Bí oníbàárà kan bá mú ọmọ wá ṣọ́ọ̀bù mi, tó sì dárúkọ wárápá níwájú Màmá, ó parí. “Irú oògùn wo ló ń mu? Ìgbà wo lẹ wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn? Aṣọ rẹ̀ ti kúrú, oògùn rẹ̀ ńkọ́?” Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ wà lórí hóró funfun láti ìgbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀, ó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi díẹ̀ kún hóró náà. Obìnrin yẹn gbé iṣu wá kí Màmá. Màmá gba iṣu, ó ní àgbà tó ń ṣe iṣẹ́ ọsibítù gbọ́dọ̀ jẹun.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo tún ra aṣọ. Ọ̀gá mi ti kú nígbà náà, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Mo pe àbúrò, mo wọ̀n ọ́n, mo gé tirẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pe ẹ̀gbọ́n.

“Bàbá, ẹ ti wọ̀n wá,” ni ó sọ.

“Mo wọn èkejì ẹ. Gbé apá sókè.”

Mo fi téèpù yí i láyà, mo yí i nídìí, mo gé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n wọ ọ́ lọ sí yídì. Bọ́tìnnì kankan kò fò. Lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà nípa ẹni tí yóò gbé ẹní àdúrà. Mo rìn lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìyá mi, àwa méjèèjì kò dá sí i, a jẹ́ kí wọ́n ja ìjà náà dé ilé.